Bí mo ṣe ṣètò ẹ̀dínwó fáwọn tó ń san owó ọdún lẹ́ẹ̀kan

Oṣooṣù làwọn kọ́sítọ́mà máa ń sanwó áàpù wa, níbi iṣẹ́, wọ́n wá ní kí n ṣe ẹ̀dínwó fẹ́ni tó bá máa san t'ọdún pọ̀. "Oṣù méjì ọ̀fẹ́" ló wà lẹ́nu gbogbo wọn, ìyẹn san 10 kóo lo 12. Mo ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iye tí ẹni tó ń san lóṣooṣù ń san gan-an.

Nínú 100 èèyàn, bíi 5 ló ń já kúrò lóṣooṣù, nígbà tọ́dún bá fi máa pé, nǹkan bíi 54 ló máa kù. Tẹ́ẹ bá ro gbogbo owó wọn pọ̀ tẹ́ẹ pín in kárí, owó oṣù 9.2 lẹnì kọ̀ọ̀kan san. Ó wá dà bíi pé 10 ti lérè nìyẹn.

Àmọ́ ta ló máa ń sáré san owó ọdún? Ẹni tí kò ní lọ tẹ́lẹ̀ ni o! Tó bá jẹ́ ẹni 1 péré nínú 100 irú wọn ló ń lọ lóṣù, wọn ò bá san bíi 11.4, ẹ̀yin lẹ wá dá wọn lọ́lá. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe fi han àwọn àtijọ́ rárá, àwọn tuntun nìkan ni, mo sì pín wọn sọ́nà méjì láìṣàṣàyàn, apá kan rí i, apá kejì ò rí i.

Nínú 100 tó rí i, 30 gbà á. Lóṣù àkọ́kọ́, owó oṣù 370 wọlé dípò 100, inú ọ̀gá dùn gan-an. Lóṣù kejì, bíi 66 ló wọlé látọ̀dọ̀ wọn dípò 95, torí àwọn 30 yẹn ò tún ní san kọ́bọ̀ títí dìgbà tọ́dún bá yípo. Iṣẹ́ ọdún kan la sì jẹ wọ́n, torí náà ìdá kan nínú 12 ni mo ń kà sí owó tá a ti ṣiṣẹ́ fún lóṣooṣù, ìyókù ẹ má tíì kà á.

Nígbà tọ́dún pé, mi ò tètè kà á, mo dúró kí káàdì tó ti kú àtàwọn tó ń bèèrè owó wọn padà parí ná. Nínú àwọn tó san owó ọdún, 62 nínú 100 ló tún san, ọ̀gá ní ṣé mo rí i, 62 ju 54 lọ. Mo ní rárá sà, apá sí apá la máa wò, àtàwọn tó rí i tí wọn ò gbà á. Nínú àwọn 70 yẹn, ìdajì ló kù. Ẹ rò ó pọ̀ mọ́ bíi 19 tó tún san, 54 náà ni! Owó ọdún ńkọ́? Owó oṣù bíi 924 látọ̀dọ̀ apá tó rí i, 919 látọ̀dọ̀ apá kejì. Ẹ̀dínwó yẹn ò dá ẹnikẹ́ni dúró, owó ló kàn jẹ́ kó tètè wọlé.

A ò yọ ọ́ ṣá, torí a nílò owó yẹn. Oṣù mẹ́rin ọ̀fẹ́ tí wọ́n tún dábàá ni mo kọ̀, t'ọdún kejì sì di oṣù kan ọ̀fẹ́, a kọ ọ́ síbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ń rà á.