Bí a ṣe ń rọ bẹntiróò sínú kẹ́ẹ̀gì nílé epo láì jẹ́ kó gbiná

Tí iná ìjọba bá ti lọ ní Ilé-Ifẹ̀, láti Sábó títí dé ojú ọ̀nà Ìbàdàn, kẹ́ẹ̀gì ni ẹ máa rí lọ́wọ́ àwọn èèyàn nílé epo. Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ gbé tiẹ̀ wá, onímọ́ṣíìnì ìlọta gbé tiẹ̀ wá, ọlọ́kadà náà so tiẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ọkàn sí nígbà tí wọ́n ń ṣe pọ́ǹpù: irin sábà máa ń wà lẹ́nu táǹkì rẹ̀, nọ́sù, ìyẹn ẹnu irin tó wà lórí rọ́bà pọ́ǹpù, sì máa ń kan irin náà ní gbogbo ìgbà tí epo bá ń lọ. Kẹ́ẹ̀gì ike kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Orí kẹ́ẹ̀gì ni mo fẹ́ dúró lé níhìn-ín, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe.

Ohun méjì ni ká kọ́kọ́ mọ̀. Èkíní ni pé epo fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń jó, oru rẹ̀ ni. Bẹntiróò máa ń tú oru tó lè gbiná kódà ní ibi tó tutù ju omi dídì lọ, ká má tíì wá sọ ọ̀sán gangan ní Ifẹ̀. Oru yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà kì í gòkè, ilẹ̀ ló ń rìn. Ó ń wọ gọ́tà, ó ń wọ kòtò, ó sì lè dé ìdí ààrò alákàrà tó wà lẹ́yìn ògiri kó tó rí iná. Bí kẹ́ẹ̀gì 25 lítà bá ṣe ń kún, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bíi 25 lítà oru àti afẹ́fẹ́ ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ẹni tó ń rọ epo wà gan-an. Kí ẹ má sì fi imú díwọ̀n rẹ̀. Imú ẹni tó ń ta epo láti àárọ̀ ti mọ òórùn náà lára, kì í gbọ́ ọ mọ́.

Èkejì ni iná tí àwọn oníná ń pè ní sítátíìkì. Bí nǹkan méjì bá ń ra ara wọn, iná díẹ̀díẹ̀ máa ń kóra jọ sí wọn lára. Ẹni tó bọ́ súwẹ́tà lóru ọyẹ́ mọ ìró rẹ̀: tá, tá, tá. Bí epo bá ń sáré gba inú rọ́bà àti nọ́sù kọjá, òun náà ń kó iná yìí jọ. Ẹ̀ta iná tí ọwọ́ lè gbọ́ ti tó láti mú oru bẹntiróò gbiná, kódà èyí tí ọwọ́ kò gbọ́ lè tó. Ìgbà ọyẹ́ ló máa ń burú jù, láti ìparí oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, torí pé afẹ́fẹ́ gbẹ, kò sì sí ọ̀rinrin tí yóò máa gba iná náà kúrò lára nǹkan.

Kí ẹ tó fa nọ́sù

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ọlọ́kadà gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀, èrò rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì wò: bí ó bá ń jò, bí ó bá sán, bí ìdérí rẹ̀ bá ti sọnù tí wọ́n fi ọ̀rá dí i lẹ́nu, ẹ dá a padà. Ìyẹn ò le.

Ẹni tó ń ta epo gbọ́dọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ lásán kan irin ara pọ́ǹpù kó tó di nọ́sù mú, kí iná tó bá wà lára rẹ̀ lè bá ibẹ̀ wọlẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, gbogbo ìgbà ni ká máa ṣe é, lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Aṣọ òwú ni kó wọ̀, kì í ṣe ti náílọ́ọ̀nù. Bí kẹ́ẹ̀gì bá dọ̀tí, kí ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nù ún níwájú pọ́ǹpù, torí pé nínù yẹn gan-an ń kó sítátíìkì sí ike lára. Àkísà òwú tí a rẹ sómi tí a sì fún dáadáa ló tọ́.

Gbígbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀

Ibí ni wàhálà wà. Oníbàárà á ṣí búùtù, á ní kí wọ́n rọ ọ́ síbẹ̀ torí pé kẹ́ẹ̀gì tó kún wúwo. Ẹni tó ń ta epo á na rọ́bà wọ inú búùtù. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ló wà lábẹ́ kẹ́ẹ̀gì, táyà ló wà lábẹ́ ọkọ̀, iná tí epo ń kó jọ kò rí ọ̀nà sá wọlẹ̀. Ó ń pọ̀ sí i bí lítà ṣe ń gorí lítà. Oru tó ń tú jáde náà kò rí ibi lọ, ó ti kún inú búùtù. Nígbà tí wọ́n bá wá yọ nọ́sù, irin yẹn á kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu kẹ́ẹ̀gì, á sì tún sún mọ́ ọn nígbà tí ọwọ́ bá mì. Láàárín irin àti ike yẹn ni iná á ti ta. Ẹyìn ọkọ̀ akẹ́rù tó ní ike tẹ́ sílẹ̀ burú bákan náà, àfi pé ó tún burú sí i bí kẹ́ẹ̀gì bá jẹ́ ti irin, torí irin tí kò kan ilẹ̀ lè tú gbogbo iná ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nítorí náà, gbólóhùn kan péré ló yẹ kó wà lẹ́nu ẹni tó ń ta epo: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sílẹ̀." Kì í ṣe orí ọ̀kadà, kì í ṣe orí bẹ́ǹṣì, kì í ṣe ọwọ́ oníbàárà. Orí kọnkéré ni. Bí oníbàárà bá kọ̀, kò sí epo. Bí ó bá ń bínú, ọ̀gá ilé epo ló yẹ kó jáde wá bá a sọ̀rọ̀, kó má ṣe fi ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ fún èébú. Ilé epo tí ọ̀gá bá ti ń sọ pé "rọ ọ́ fún un jàre", kò sí ìkìlọ̀ ara ògiri tó lè dúró níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí kẹ́ẹ̀gì bá ti wà nílẹ̀, ẹ fi irin nọ́sù kan ẹnu rẹ̀ kó tó di pé ẹ tẹ ohunkóhun. Kó má kúrò níbẹ̀ títí epo yóò fi dá. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Epo tó bá ń já láti òkè tó ń ta pàrà sí ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì ń kó iná jọ ju èyí tó ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ. Bí kẹ́ẹ̀gì 25 lítà bá gba ìṣẹ́jú méjì kó tó kún, ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan máa ń fi ìdérí táǹkì tàbí òkúta há ọwọ́ nọ́sù kí epo máa dà fúnra rẹ̀, kí àwọn lè lọ gba owó lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ láé. Ọwọ́ èèyàn ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó lè dá a dúró kíákíá.

Àrọ ńkọ́? Ẹ má lò ó. Àrọ irin tó jókòó lórí ike jẹ́ irin tí kò kan ilẹ̀. Orí ìgò ike tí wọ́n gé fi ṣe àrọ sì máa ń jẹ́ kí nọ́sù jìnnà sí ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tí ẹnu kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kò bá gba nọ́sù, kó lọ mú òmíràn wá.

Ẹ dúró ní 23 lítà nínú kẹ́ẹ̀gì 25. Epo tó wá láti abẹ́ ilẹ̀ tutù. Bí ooru inú ọkọ̀ bá mú un gbóná sí i ní ogún ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, á wú ní nǹkan bí ìdajì lítà, á sì wá ibi tí yóò gbà jáde. Lẹ́yìn tí epo bá dá, ẹ jẹ́ kí nọ́sù wà níbẹ̀, kí ẹ ka ení dé ọgbọ̀n, kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ dé e kó le kí ẹ tó gbé e kúrò nílẹ̀.

Ní ti fóònù, ẹ gbé e jìnnà, ẹ sì jẹ́ kí pí-ó-ẹ́ẹ̀sì wà níbi ìsanwó. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun ti bọ́ nítorí pé òun ti pa fóònù. Sítátíìkì ló wà nídìí ọ̀pọ̀ iná ilé epo tí wọ́n ti ru ẹ̀bi rẹ̀ lé fóònù lórí.

Bí epo bá dà sílẹ̀

Ká ní kẹ́ẹ̀gì kan ṣubú, tí lítà méjì dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Iléṣà, tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ ṣì ń jóni lọ́wọ́. Ẹ tẹ súìṣì pupa tó ń dá gbogbo pọ́ǹpù dúró. Kí ẹnikẹ́ni má yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹnikẹ́ni má ta ọkọ̀. Ọkọ̀ tó bá wà nítòsí, títì ni ká tì í lọ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sáré lọ sọ́dọ̀ alákàrà àti ẹni tó ń ta àgbàdo sísun, kí wọ́n da omi pa iná wọn.

Iyanrìn gbígbẹ ló kù. Ẹ kọ́kọ́ fi í ṣe ìdènà sí apá tí gọ́tà wà, lẹ́yìn náà kí ẹ máa dà á bọ̀ sí àárín. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan tó fún lítà méjì. Iyanrìn tí òjò ti pa kò fa nǹkankan, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní ìdérí, ìdérí páànù àtijọ́ sì ti tó. Ìyẹ̀fun pákó kọ́ ni ká fi dípò rẹ̀, òun náà ń jó. Ọwọ̀ àti pátákó pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi kó o, kì í ṣe ṣọ́bìrì irin tó ń ha kọnkéré. Ẹ kó o sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì irin tó ní ìdérí, kí ẹ gbé e jìnnà sí pọ́ǹpù. Ọṣẹ àti omi tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ sínú gọ́tà, ńṣe ló ń ran epo lọ sílé ẹlòmíràn, torí orí omi ni bẹntiróò ń léfòó sí.

Bí epo bá dà sára aṣọ ẹnì kan, ẹ bu omi rẹ aṣọ náà kó tó bọ́ ọ. Bíbọ́ ọ ní gbígbẹ tún lè ta iná.

Bí iná bá ràn lẹ́nu kẹ́ẹ̀gì

Ọwọ́ èèyàn máa ń fẹ́ fa nọ́sù jáde. Ìyẹn ló ń sọ iná kékeré di ńlá, torí epo tó ń kán láti inú rẹ̀ á tan iná ká ilẹ̀ àti ara ẹni náà. Ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀ kí epo dá, ẹ fi nọ́sù sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ tẹ súìṣì pupa. Sílíńdà ìpaná oníyẹ̀fun 9 kílò ni kí ẹ gbé, kí ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta. Ẹ yọ pín-ìnnì, ẹ dojú kọ ìdí iná, ẹ máa gbá a síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí díẹ̀ sí i ló ní lágbára, nítorí náà kí ẹnì kejì ti di sílíńdà mìíràn mú kí tàkọ́kọ́ tó tán. Omi kò ṣe é dà sí i. Kí ẹlòmíràn ti máa pe 112. Bí sílíńdà méjì bá tán tí iná kò kú, ẹ sá.

Sílíńdà tí ẹ bá ti tẹ̀, ì báà ṣe ìṣẹ́jú àáyá méjì péré, ẹ má dá a padà sí ara ògiri. Ìyẹ̀fun tó há sẹ́nu rẹ̀ kò ní jẹ́ kó padé dáadáa, agbára inú rẹ̀ á jò dànù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ gbé e lọ tún kún, kí ẹ sì wo abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé ó wà ní ojú àwọ̀ ewé kí ẹ tó gbé e kọ́.