Bí a ṣe ń ka orúkọ oògùn àti agbára rẹ̀ láti ara fọ́tò iwájú páálí

Màmá wà ní Ṣágámù, ọmọ wà ní Èkó. Ibà ń ṣe Màmá, wọ́n ra oògùn ní kẹ́míìsì, wọ́n ya fọ́tò páálí rẹ̀, wọ́n sì fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù: "Ṣé irú èyí tí mo lò níjọ́sí náà ni?" Iwájú páálí nìkan ló wà nínú fọ́tò. Kí ọmọ tó lè dáhùn, nǹkan méjì ló gbọ́dọ̀ kà jáde: orúkọ oògùn gan-an tó wà nínú hóró yẹn, àti iye rẹ̀ tó wà nínú hóró kan ṣoṣo. Oògùn ibà tí wọ́n fi atẹmẹ́tà àti lumẹfantirínì pa pọ̀ ṣe ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ilé tí kò mọ̀ ọ́n kò pọ̀, àṣìṣe tó sì wà nínú kíkà rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Fọ́tò kọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí Màmá gbé páálí lélẹ̀ sẹ́bàá fèrèsé, lórí aṣọ tó dúdú. Ìró àdìrẹ dára fún un, kò ní jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ta padà. Kí wọ́n pa iná fóònù, torí pé ojú páálí a máa dán, iná yẹn á sì sọ ibi tí nọ́ńbà wà di funfun báláú. Kí wọ́n má fi ọwọ́ dì í mú. Àtàǹpàkò lè bo ibi tí ilé iṣẹ́ tẹ agbára oògùn sí. Bí bébà owó tí kẹ́míìsì lẹ̀ mọ́ ọn bá bo ọ̀rọ̀ kan, kí wọ́n rọra ṣí i. Bí fọ́tò bá dé tí ó ṣú, ẹ ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí `Document`, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí fọ́tò lásán, torí Wásáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè tètè lọ, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ nọ́ńbà kéékèèké ti ń parẹ́.

Ẹ wá mú bírò àti bébà. Kí ẹ tó túmọ̀ ohunkóhun, ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà tó wà níwájú páálí sílẹ̀ bó ṣe wà, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tí kò hàn, ẹ fi àmì ìbéèrè sí àyè rẹ̀. Ẹ má fò ó o. Ojú tó ti mọ oògùn tẹ́lẹ̀ kì í ka ohun tó wà níbẹ̀ mọ́, ohun tó ti ń retí ló ń kà. Bírò ni kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Orúkọ tó tóbi jù lórí páálí kọ́ ni orúkọ oògùn. Orúkọ ọjà ni, èyí tí ilé iṣẹ́ sọ ọ́, ẹ sì máa ń rí ® tíńtín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀ sí ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí lẹ́tà rẹ̀ kéré. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí "Artemether/Lumefantrine Tablets" tàbí "Artemether and Lumefantrine Tablets". Orúkọ méjì pẹ̀lú ìlà kan láàárín túmọ̀ sí pé oògùn méjì ló wà nínú hóró kan. Bí orúkọ ọjà tilẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìjọ́sí, tí ìlà kékeré yìí bá bá ti ìjọ́sí mu, oògùn kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì mọ̀ bóyá agbára wọn dọ́gba.

Lórí oògùn mìíràn, ẹ ó rí "BP" lẹ́yìn orúkọ, bíi "Paracetamol Tablets BP". Àwọn kan ti gbé irú páálí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé wọ́n kọ "bípì" sí i. Kò kan ẹ̀jẹ̀ ríru rárá. Ìwé ìlànà oògùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi lẹ́tà méjèèjì yẹn ké kúrú, ó ń sọ pé ìlànà ìwé yẹn ni wọ́n fi ṣe oògùn náà. "USP" jẹ́ irú rẹ̀ láti Amẹ́ríkà.

Nọ́ńbà ló kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Irú nọ́ńbà mẹ́ta ló lè wà níwájú páálí oògùn ibà yìí. Èkíní ni agbára, tí wọ́n sábà máa ń kọ "mg" tẹ̀ lé: "80 mg/480 mg", tàbí "80/480" lásán nínú róbótó kan. Èkejì ni iye hóró tó wà nínú páálí: "6 Tablets" tàbí "24 Tablets". Ẹ̀kẹta kì í ṣe ti ilé iṣẹ́, ẹni tó ta oògùn ló fi bírò kọ ọ́: "1×2", ìyẹn hóró kan, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ fi bírò aláwọ̀ mìíràn yí ẹ̀kẹta yìí po lórí bébà yín, kó má bàa wọ inú agbára.

Agbára tí wọ́n kọ síwájú páálí, ti hóró kan ni, kì í ṣe ti odindi páálí. Nọ́ńbà tó ṣáájú jẹ́ ti orúkọ tó ṣáájú. Nítorí náà, "80/480" ń sọ pé atẹmẹ́tà 80 mg àti lumẹfantirínì 480 mg wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan. "20/120" ń sọ pé 20 mg àti 120 mg ni. Àwọn méjèèjì wà lórí igbá, orúkọ ọjà kan náà sì lè wà lára méjèèjì, àwọ̀ páálí kan náà pàápàá.

Ẹ wá wo ìdí tí èyí fi léwu. Àgbàlagbà tó wọn kílò 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń lo oògùn yìí lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ọjọ́ mẹ́ta: ti àkọ́kọ́, òmíràn lẹ́yìn wákàtí 8, lẹ́yìn náà ní àárọ̀ àti ní alẹ́ fún ọjọ́ méjì tó kù. Bó bá jẹ́ 20/120, hóró 4 ni lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 24. Bó bá jẹ́ 80/480, hóró 1 ni lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 6. Iye oògùn tó wọ ara dọ́gba: 20 lọ́nà 24 jẹ́ 480 mg atẹmẹ́tà, 80 lọ́nà 6 náà jẹ́ 480 mg. Ẹni tó bá ti mọ́ lára láti máa da hóró mẹ́rin sẹ́nu, tó wá ra 80/480, tó sì tún da mẹ́rin sẹ́nu, 320 mg ló gbé mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dípò 80. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ní kó bu gàárì agolo mílíìkì mẹ́rin, tó lọ bu kóńgò mẹ́rin.

Ẹ lè rò pé kíka iye hóró ti tó láti mọ ìyàtọ̀, pé páálí hóró 6 ni ti 80/480, páálí hóró 24 ni ti 20/120. Kò tó. Páálí hóró 6 mìíràn wà tó jẹ́ 20/120, ti ọmọ kékeré tó wọn kílò 5 sí ìsàlẹ̀ kílò 15, tó ń lo hóró kan lẹ́ẹ̀kan. Bí àgbàlagbà bá ra ìyẹn tó sì lò ó tán, 120 mg péré ló lò ní ọjọ́ mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó yẹ. Ibà lè rọlẹ̀ díẹ̀, kó sì tún padà. Nítorí náà, 6 nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Agbára àti iye hóró ni kí ẹ kà pọ̀.

Bí fọ́tò bá ṣú tí nọ́ńbà kan kò hàn, ọ̀nà kan wà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Lumẹfantirínì máa ń jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà atẹmẹ́tà: 20 àti 120, 40 àti 240, 80 àti 480. Bí ẹ bá rí "?0/480", 80 ló gbọ́dọ̀ wà níwájú. Bí ẹ bá ka "30/480", ẹ ti ṣì í kà, torí ẹ̀gbẹ́ òsì 8 ló parẹ́ tó fi dà bí 3. Ìṣirò yìí wà fún mímú àṣìṣe yín, kì í ṣe fún fífi rọ́pò fọ́tò. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá ṣú, ẹ béèrè òmíràn.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ bíi "Forte" tàbí "DS" ní agbára. Wọ́n kàn ń sọ pé ilé iṣẹ́ náà ní òmíràn tí kò le tó o. Iye mg kò sí nínú wọn. Kí ẹ sì mọ̀ pé òfin ìlà tó wà láàárín nọ́ńbà méjì kò bá gbogbo oògùn lọ. Lórí amọsisilíìnì tí wọ́n pò mọ́ kilafulánéètì, nọ́ńbà kan ṣoṣo, 625, lẹ sábà máa ń rí níwájú. Àròpọ̀ ni: 500 mg amọsisilíìnì àti 125 mg kilafulánéètì. Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé "amọsisilíìnì 625 mg" ti ṣì í kà.

Ó yá, ká ka ti Màmá. Ohun tó wà lórí bébà rèé: orúkọ ọjà gàdàgbà lókè, "Artemether/Lumefantrine Tablets" lábẹ́ rẹ̀, "80/4?0" nínú róbótó lápá ọ̀tún, àtàǹpàkò bo díẹ̀ níbẹ̀, "6 Tablets" nísàlẹ̀, "1×2" tí wọ́n fi bírò kọ. 80 lọ́nà mẹ́fà jẹ́ 480, nítorí náà nọ́ńbà tó fara pamọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ 8. Hóró 6 bá kan lẹ́ẹ̀mejì fún ọjọ́ mẹ́ta mu. Ohun tí ẹni tó ta á kọ sì bá a mu pẹ̀lú. Màmá ní mẹ́rin mẹ́rin làwọn lò níjọ́sí. Bí wọ́n bá lo mẹ́rin báyìí, méjì péré ló máa ṣẹ́kù fún ẹ̀ẹ̀kejì. Ìdáhùn wá ni pé oògùn kan náà ni, ṣùgbọ́n hóró kan rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú mẹ́rin ti ìjọ́sí.

Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ ní ìlà kan, orúkọ oògùn ṣáájú, agbára hóró kan tẹ̀ lé e, iye hóró gbẹ̀yìn: "Ẹ kú ara líle mà. Atẹmẹ́tà 80 mg pẹ̀lú lumẹfantirínì 480 mg nínú hóró kọ̀ọ̀kan, hóró 6 nínú páálí. Ẹ má lo mẹ́rin o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àtàǹpàkò kúrò, kí ẹ tún un yà kí n rí nọ́ńbà yẹn dáadáa, kí ẹ sì ya ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kọ 'Each tablet contains' sí àti ibi tí ọjọ́ tó máa bàjẹ́ wà." Ẹ̀gbẹ́ yẹn ló ń kọ iye oògùn kọ̀ọ̀kan tó wà nínú hóró ní kíkún. Bí ohun tó wà níbẹ̀ kò bá bá ti iwájú mu, Màmá kò gbọ́dọ̀ tíì lò ó. Kí wọ́n gbé páálí náà padà fún apòògùn ní kẹ́míìsì tí wọ́n ti rà á.