Bí mo ṣe fi rẹ́jísítà kọ àlàyé ìṣòro fún ìwé gíráǹtì wa

Gbólóhùn tó wà nínú ìwé náà tẹ́lẹ̀ ni pé “ọ̀pọ̀ aboyún ní agbègbè Kwali kì í lọ bímọ sílé ìwòsàn nítorí àìmọ̀kan.” Ọ̀pọ̀ mélòó? Ta ló sì sọ pé àìmọ̀kan ni?

Mo kọ́kọ́ wo NDHS, ìwádìí ìlera ti gbogbo Nàìjíríà. Ti ọdún 2018 sọ pé ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún ìbímọ ló wáyé nílé ìwòsàn. Ìyẹn tó gbólóhùn kan. Ìwádìí náà kò sọ̀kalẹ̀ ju ìpínlẹ̀ àti Abuja lápapọ̀ lọ, nítorí náà kò lè jẹ́rìí sí wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ní Kwali, tó wà lábẹ́ Abuja.

Ẹ̀rí tiwa wà lórí tábìlì mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn tí a ń kọ ìwé náà fún. Pẹ̀lú ìyọ̀nda rẹ̀, mo ka rẹ́jísítà àyẹ̀wò oyún àti ti ìbímọ fún oṣù méjìlá kan náà, mi ò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí aboyún wá nìkan ni kí ẹ kà. Bí ẹ bá ka gbogbo ìgbà tó wá, obìnrin kan á di mẹ́rin. Mo ti yí iye tí mo lò níbí padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá ilé ìwòsàn náà mọ̀: aboyún 240 forúkọ sílẹ̀, 84 bímọ síbẹ̀, ìyẹn ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àwọn 156 tó kù ńkọ́? Ibí ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń ṣìnà, tí wọ́n á ní ilé ni gbogbo wọn bí sí. Ẹlòmíràn lè ti lọ sí Gwagwalada, oyún ẹlòmíràn lè ti bàjẹ́, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ nígbẹ̀yìn ọdún kò sì tíì bí. Mo bi àwọn ìyá léèrè lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, pẹ̀lú ògbufọ̀ tó gbọ́ Gbagyi. Síbẹ̀, àwọn tó ń wá gba abẹ́rẹ́ ni ara wọn ti mọ́ ilé ìwòsàn. Iye tó bí sílé lè ju èyí tí ẹ máa gbọ́ lọ.

Ibi tí wọ́n ń kọ aago ìbímọ sí ló là mí lójú jù. Ọmọ kì í wo aago kó tó wáyé, àmọ́ 71 nínú 84 ló wáyé láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìwé iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ṣàlàyé rẹ̀: kò sí ẹni tó ń sun ibẹ̀. Ẹni 240 tó wá forúkọ sílẹ̀ kì í ṣe aláìmọ̀kan.

Ohun tí mo wá kọ rèé: “Nínú aboyún 240 tó forúkọ sílẹ̀ láàárín oṣù méjìlá, 84 ló bímọ síbẹ̀, 71 nínú wọn lọ́sàn-án. Ẹni tí ìrọbí bá mú lóru kò rí agbẹ̀bí níbẹ̀.” Mi ò kọ “kò sí ilé nọ́ọ̀sì” síbẹ̀, torí ojútùú tí a fẹ́ tọrọ owó fún nìyẹn, kì í ṣe ìṣòro. Iye 84 àti 71 yìí kan náà ni mo tún kọ sí tábìlì ìdíwọ̀n inú ìwé gíráǹtì náà gẹ́gẹ́ bí iye ìbẹ̀rẹ̀, kí a lè tún ka rẹ́jísítà kan náà lẹ́yìn ọdún kan.