Bí mo ṣe kọ ohun tí wọ́n fagi lé àtèyí tí wọ́n fàlà sábẹ́ ẹ̀ sínú fáìlì tẹ́kísì lásán

Wọ́n fi fọ́tò ìwé àdéhùn ilé kan ní Èbúté-Mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi pé kí n tẹ̀ ẹ́ sínú fáìlì tẹ́kísì. Wọ́n fagi lé ₦450, wọ́n wá fi báírò kọ ₦540 sókè ẹ̀, wọ́n fàlà sábẹ́ "Owó Ọdọọdún", "ONÍLÉ" sì nípọn ju ìyókù lọ. Tí mo bá kàn tẹ ₦450 ₦540 báyìí, á dà bíi pé owó méjì ni wọ́n ń gbà.

Mo kọ́kọ́ lo àmì Yúníkóòdù, U+0336 tó ń fagi la lẹ́tà láàárín àti U+0332 tó ń fàlà sábẹ́. Ó dáa lójú o, àmọ́ tí mo bá ní kó wá 450 nínú fáìlì, kò ń rí i, torí àmì ti wọ àárín nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ìlà yẹn sì tún bo àmì ìsàlẹ̀ ọ mọ́lẹ̀, "Ọdọọdún" wá ń dà bí "Odoodún".

Èyí ló wá ṣiṣẹ́:

```
**ONÍLÉ**
<u>Owó Ọdọọdún</u>: ~~₦450~~ ₦540
```

Mi ò lo `__` fún ìlà abẹ́, torí nínú Mákídáàn, ìlànà tí mo ti mú `**` àti `~~`, lẹ́tà tó nípọn nìyẹn náà. Mo kọ ìtumọ̀ àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè fáìlì. Ìlà òfìfo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún sáìnì kì í ṣe fífàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, mi ò sàmì sí i. Èyí tí wọ́n fagi lé tí mi ò lè kà, `~~[?]~~` ni mo fi síbẹ̀. Àwọn áàpù kan ò mọ `~~` ṣá, bó ṣe wà náà ni wọ́n máa gbé e jáde, àmọ́ èèyàn ṣì máa lóye ẹ̀.