Orí fífọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àádọ́ta ọdún: bí mo ṣe yẹ iṣan ẹ̀bátí wò

Ìyá ẹni ọdún 68 kan ni ọmọ rẹ̀ obìnrin mú wá sí kílíníìkì wa ní Òṣogbo. Nítòsí Ọjà Ọba ni ìyá náà ti ń ta èlùbọ́. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí orí ti ń fọ́ ọ, ẹ̀bátí ọ̀tún ló sì pọ̀ sí jù. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti ṣe awò ojú tuntun fún un, wọ́n sì ti fi kún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Síbẹ̀, orí kò yéé fọ́. Ohun tí mo ṣe láti ìgbà tó jókòó títí tó fi gbé oògùn mì lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, "Màmá, ṣé irú orí fífọ́ yìí ti ṣe yín rí?" Ó ní rárá. Ìdáhùn yẹn ló yí gbogbo nǹkan padà. Ìgbà èwe ni túúlu sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti ń bá a yí láti ogún ọdún, tó tún ṣe é ní ọgọ́ta ọdún bákan náà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Àmọ́ bí orí fífọ́ tuntun bá bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, n kì í pè é ní túúlu tàbí ibà kí n tó wo iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀bátí.

Iṣan yìí ló máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọrùn gba iwájú etí lọ sí awọ orí. Àìsàn kan wà tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà, fi máa ń kọjú ìjà sí ògiri iṣan náà fúnra rẹ̀. Ògiri á wú sínú, ihò tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà á fún, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní lè kọjá bó ti yẹ. Jáyáǹtì-sẹ́ẹ̀lì atẹráítíìsì ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Kì í ràn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ oòrùn tàbí ẹrù orí. Ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún kì í sábà ní in. Ọ̀pọ̀ tó ń ní in ti lé ní àádọ́rin, àwọn obìnrin sì pọ̀ nínú wọn ju ọkùnrin lọ. Lóòótọ́, ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ funfun àríwá Yúróòpù ju àwa lọ. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè wá sí wa lọ́kàn, ohun tó sì ń dẹ́rù bà mí nípa rẹ̀ nìyẹn. Iṣan tó ń bọ́ okùn ojú wà lára àwọn tó lè dí. Bó bá dí, ojú á fọ́ láàárín wákàtí díẹ̀, ojú tó bá sì fọ́ báyìí kì í sábà padà ríran. Ojú kejì lè tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo wá bi í nípa jíjẹ. Ibí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe àṣìṣe, nítorí pé a máa ń béèrè pé, "Ṣé ẹ ń jẹun dáadáa?" Ìyá yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, torí àmàlà ni ó ń jẹ, òkèlè kì í sì í ṣe ohun tí à ń jẹ lẹ́nu. A máa ń gbé e mì ni. Nítorí náà, ohun tó gba eyín ni mo fi bi í: "Màmá, bí ẹ bá ń jẹ pọ̀nmọ́ tàbí àgbàdo sísè ńkọ́?"

Ó ní, "Dókítà, mo ti fi ẹran sílẹ̀. Tí mo bá jẹ ẹ́ bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, àgbọ̀n mi á rẹ̀ mí bí apá ẹni tó ń gúnyán. Tí mo bá dúró díẹ̀, á lọ."

Ọmọ rẹ̀ rò pé eyín ni. Ọ̀rọ̀ eyín kì í rí báyẹn. Eyín máa ń dun ènìyàn nígbà tó bá kọ́kọ́ tẹ nǹkan, ní ojú kan pàtó. Èyí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ fà kì í bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Á jẹ́ kí ẹni náà jẹun díẹ̀, ẹran àgbọ̀n á wá máa béèrè ẹ̀jẹ̀ tí kò rí gbà, á máa ro ó, yóò sì lọ bó bá sinmi. Nínú gbogbo àmì àìsàn yìí, òun ni mo kà sí jù.

Lẹ́yìn èyí ni mo béèrè nípa awọ orí. Ó ní òun kò lè dirun mọ́, òòyà ń dun òun, òun kò sì lè fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lé ìrọ̀rí. Gèlè pàápàá ti di ìnira. (Ní 1890, nígbà tí oníṣègùn Jonathan Hutchinson kọ̀wé nípa bàbá àgbàlagbà kan tó ní àìsàn yìí nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí bàbá náà sọ ni pé òun kò lè dé fìlà.) Mo béèrè bóyá èjìká àti ìbàdí rẹ̀ máa ń le láàárọ̀, ó ní ó máa ń ṣòro fún òun láti gbọ́wọ́ sókè wé gèlè títí ilẹ̀ á fi mọ́ dáadáa. Èyí náà máa ń bá àìsàn yìí rìn. Ní ti ojú, mo bi í bóyá ojú kan ti ṣú rí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ta aṣọ bò ó, tàbí bóyá ó ti ń rí nǹkan kan ní méjì. Ó ní kò tíì ṣẹlẹ̀. Ká ní ó ti ṣẹlẹ̀ ni, ilé ìwòsàn ńlá ni ì bá lọ tààrà kí wọ́n fi oògùn alágbára sí i lára láti inú iṣan fún ọjọ́ mẹ́ta.

Mo wá fọwọ́ kan ibẹ̀. Mo fi ìka méjì síwájú etí, díẹ̀ sókè egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, lápá ọ̀tún àti lápá òsì lẹ́ẹ̀kan náà, kí n lè fi wọ́n wéra. Ní òsì, iṣan náà rọ̀, ó ń lù kì-kì-kì. Ní ọ̀tún, ó le bí okùn, ó wú, ó dùn ún nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, n kò sì gbọ́ kó lù rárá. Mo wọn ìfúnpá ní apá méjèèjì, nítorí pé àìsàn náà lè mú iṣan ńlá tó ń lọ sí apá, tirẹ̀ dọ́gba.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló kàn. Èyí tí mo fẹ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní íì-ẹ́ẹ̀sì-áà. Wọ́n á po ẹ̀jẹ̀ mọ́ oògùn tí kì í jẹ́ kó dì, wọ́n á fà á sínú ọ̀pá díńgí tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ìlà láti 0 dé 200 mìlímítà, wọ́n á gbé e dúró fún wákàtí kan gééré. Ẹ̀jẹ̀ pupa á máa rọ sílẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ á sì kù lókè. Nígbà tí nǹkan bá ń wú nínú ara, èròjà kan máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pupa lẹ̀ mọ́ra bí owó ẹyọ tí a tò léra, wọ́n á wúwo, wọ́n á sì yára rọlẹ̀. Fún obìnrin, mo máa ń fi 10 kún ọjọ́ orí, mo á pín in sí méjì: 68 pẹ̀lú 10 jẹ́ 78, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 39. Ohun tó bá ju 39 lọ ti pọ̀ jù fún ìyá yìí. Fún ọkùnrin, ìdajì ọjọ́ orí rẹ̀ ni.

Èsì tí ọmọ rẹ̀ mú wá láti ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò jẹ́ 34, ìyẹn ni wọ́n sì fi sọ fún wọn pé kò sí nǹkan kan. Mo béèrè ìgbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà. Àárọ̀ ni wọ́n fà á, ọlọ́kadà gbé e lọ, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó kà á. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti kọjá wákàtí mẹ́rin nínú ooru kì í lè lẹ̀ mọ́ra dáadáa mọ́, èsì rẹ̀ á sì wálẹ̀. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe lójú wa. Ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, nítorí pé bó bá tẹ̀ díẹ̀ báyìí, èsì á ga ju bó ti yẹ lọ. A ò sì gbé e sórí tábìlì tí jẹnẹrétọ̀ ń mì. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó jẹ́ 96. Àyẹ̀wò kejì tí wọ́n ń pè ní sí-áà-píì, tí òun náà máa ń fi wíwú inú ara hàn, ga gan-an.

Ibà, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àìtó ẹ̀jẹ̀ lè gbé íì-ẹ́ẹ̀sì-áà sókè. Jẹnotáìpù ẹ̀sì-ẹ̀sì sì lè mú un wálẹ̀, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ bí dòjé kì í lè tò léra. Bákan náà, àwọn kan ní àìsàn yìí tí èsì wọn kò ga. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kì í jẹ́rìí. Àgbọ̀n, awọ orí, iṣan tó le àti nọ́ńbà yìí ni wọ́n jọ sọ ohun kan náà.

N kò dúró de àyẹ̀wò mìíràn. Pẹrẹdinisólóònù, oògùn tó ń mú wíwú inú ara rọlẹ̀, ni mo fún un ní kílíníìkì lẹ́yìn oúnjẹ, mílígíráàmù 60. Mílígíráàmù 5 ni hóró tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìyẹn ni pé hóró 12 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ṣe pàtàkì kí a ka hóró náà sí ọwọ́ ẹbí, nítorí pé ẹni tó bá dé ilé tó rí 12 á rò pé wọ́n ṣì í kọ, á sì lo méjì. Méjì kò lè dáàbò bo ojú. Mo sọ fún wọn pé àárọ̀ ni kó máa lò ó, kí wọ́n má sì dá a dúró lójijì láé, nítorí pé ara á ti gbára lé e. A wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí pé oògùn yìí máa ń gbé e sókè. Mo sì fún un ní oògùn aràn kan tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé láti inú ilẹ̀, tó lè farapamọ́ sínú ìfun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Pẹrẹdinisólóònù lè jẹ́ kó bí sí i káàkiri ara débi ikú.

Lọ́jọ́ kẹta, orí ti fúyẹ́, ó ti fi òòyà kan irun. Ìyẹn dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò gbà á bí ẹ̀rí, torí oògùn yìí máa ń mú ọ̀pọ̀ ìrora mìíràn náà rọlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ni wọ́n gé díẹ̀ lára iṣan náà ní ilé ìwòsàn ńlá láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbẹ̀rù pé oògùn á ti pa àmì rẹ̀ rẹ́ máa ń jẹ́ kí àwọn kan fi oògùn falẹ̀, àmọ́ àmì náà ṣì máa ń hàn fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo kọ sínú lẹ́tà ni pé kí wọ́n gé ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, nítorí pé àìsàn náà máa ń fo ibì kan kó tó mú ibòmíràn, iṣan tí a gé sì máa ń súnkì nínú oògùn ìpamọ́. Bí èyí tí wọ́n gé bá bọ́ sí ibi tó fò, èsì á ní kò sí nǹkan kan, àìsàn á sì wà níbẹ̀. Ti ìyá yìí fi sẹ́ẹ̀lì ńláńlá tí àìsàn náà ti gba orúkọ hàn nínú ògiri iṣan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ara ti balẹ̀, tí íì-ẹ́ẹ̀sì-áà ti di 22, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín oògùn kù ní díẹ̀díẹ̀. Mílígíráàmù 20 ni mo ń lé ká fi dé oṣù kẹta, lílò rẹ̀ sì lè tó ọdún kan sí méjì. Mo kọ ohun mẹ́ta sẹ́yìn káàdì rẹ̀ ní Yorùbá fún ọmọ rẹ̀: bí orí bá tún bẹ̀rẹ̀, bí àgbọ̀n bá tún ń rẹ̀ ẹ́ nídìí ẹran, bí ojú kan bá ṣú fún ìṣẹ́jú kan péré, kí wọ́n máa bọ̀ lọ́jọ́ náà, kódà kó jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi.