Fọ́tò kan, ojú ewé méjì: bí mo ṣe gba ìpè, àti bí mo ṣe yọwọ́ níbẹ̀

Ayàwòrán kan ló ya fọ́tò àwọn báàgì awọ tí mo rán. Nígbà tó fẹ́ gbé wọn sórí Instagram, ó ní kí orúkọ àwa méjèèjì wà lókè wọn. Ọdún 2021 ni irú pósìtì alájọni yìí dé sórí Instagram, mo sì ti rí i lójú ewé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni wọ́n pè.

Ní ọ̀dọ̀ tirẹ̀, iṣẹ́ náà kò pọ̀. Ó yan fọ́tò bó ṣe máa ń ṣe, ó kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó wá tẹ `Tag people` kó tó fi í síta. Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ wọn dáadáa. Bó bá ṣe pé ó kàn táàgì mi ni, fọ́tò náà ì bá wọ abala tí wọ́n ń kó fọ́tò tí a ti táàgì mi sí. Kò ní sí láàárín àwọn pósìtì tèmi gan-an. `Invite collaborators` ló tẹ̀, ó wá orúkọ àkáǹtì mi, ó sì yàn án.

Bó ṣe fi í síta, fọ́tò náà hàn lójú ewé tirẹ̀ nìkan. Orúkọ mi kò tíì sí lókè rẹ̀, nítorí mi ò tíì dáhùn. Ìpè náà dé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú ìfitónilétí. Mo ṣí pósìtì náà, mo rí `Review`, mo tẹ̀ ẹ́, ó sì fún mi ní `Accept` àti `Decline`. Mi ò kánjú. Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó kọ sábẹ́ fọ́tò ná, torí pé lẹ́yìn tí mo bá ti gbà, kò sí lẹ́tà kan tí mo lè yí padà nínú rẹ̀. Ẹni tó gbé pósìtì síta nìkan ló lè tún un kọ, òun nìkan náà ló sì lè pa á rẹ́.

Mo tẹ `Accept`. Nígbà tí mo tún ojú ewé mi ṣí, fọ́tò náà ti wà láàárín àwọn tèmi, orúkọ àwa méjèèjì sì wà lókè rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹni tó bá ń ṣòwò fi sọ́kàn ni pé kì í ṣe ẹ̀dà méjì ló wà. Pósìtì kan ṣoṣo ni, ibi méjì la ti ń rí i. Ẹni tó fi láíìkì sí i lọ́dọ̀ mi, iye kan náà ló ń lé sí lọ́dọ̀ ayàwòrán. Kọ́mẹ́ǹtì àwọn oníbàárà mi àti ti àwọn tó ń tẹ̀lé e wá dà pọ̀ sábẹ́ kan náà: ẹnì kan ń béèrè oríṣi awọ tí mo lò, ẹlòmíì ń béèrè kámẹ́rà tó fi yà á. Ó dùn mọ́ mi, kí n má parọ́, torí àwọn tí kò mọ̀ mí rí ti ń rí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Nígbà tó yá, mo ṣíwọ́ rírán irú báàgì yẹn, àmọ́ àwọn ènìyàn ò yé béèrè rẹ̀ lábẹ́ fọ́tò náà. Mo fẹ́ kó kúrò lójú ewé mi. Mo ṣí pósìtì náà, mo tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè, mo yan `Stop sharing`, mo sì fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó kúrò lọ́dọ̀ mi, orúkọ mi náà kúrò lókè rẹ̀. Ayàwòrán náà ì bá lè yọ mí fúnra rẹ̀ tó bá wù ú: yóò tún pósìtì náà ṣe láti `Edit`, yóò sì yọ orúkọ mi níbi tó ti pè mí.

Àmọ́ fọ́tò náà ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo láíìkì àti kọ́mẹ́ǹtì, títí kan èyí tí àwọn oníbàárà mi kọ. Kò sí èyí tó bá mi lọ. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ẹni tó ń ta ọjà ló yẹ kó gbé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ síta, kó wá pe ayàwòrán sí i, bí ìbéèrè àwọn oníbàárà bá ṣe pàtàkì sí i.

Ohun kan ṣẹ́ kù. Ó ti kọ orúkọ àkáǹtì mi pẹ̀lú àmì @ sínú ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò náà, yíyọwọ́ mi kò sì kan ìyẹn. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ṣì ń bọ́ sójú ewé mi. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i pé kó bá mi yọ ọ́, ó sì yọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an.