Ibi Tí Irinṣẹ́ Ń Wọ̀ Ni Kí Ẹ Wò, Kì í Ṣe Àrùn Aláìsàn

Bí a ṣe ń fọ irinṣẹ́ àti bí a ṣe ń pa ọṣẹ sọ́wọ́, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe kan ṣoṣo tó ń gba máàkì lọ́wọ́ yín nínú ìdánwò ìdènà àkóràn ni ìwé yìí wà fún. Bí ìbéèrè bá ti dárúkọ àrùn tó ń dẹ́rù bani, ẹ ti sáré mú ìdáhùn tó le jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ níbẹ̀.

Ìlànà Spaulding ti 1968 kò béèrè orúkọ àrùn. Ibi tí irinṣẹ́ máa fara kàn ló ń béèrè. Èyí tó bá wọ inú ẹran ara tàbí ẹ̀jẹ̀, ẹ pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀ run, títí kan kòkòrò tó ní èèpo líle. Èyí tó bá kan awọ tútù bíi ti ẹnu àti ìfun, ìpakòkòrò ìpele gíga ni. Èyí tó kan awọ tí kò bó, ìpele ìsàlẹ̀ tó o.

Ẹ wo ìbéèrè yìí: wọ́n fi ẹ́ńdósíkóòpù wo inú aláìsàn tó ní mẹ́dọ̀wú B, wọ́n sì ti ẹ̀mú gba ihò ẹ́ńdósíkóòpù náà láti gé ẹran díẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ẹ́ńdósíkóòpù kan awọ tútù lásán, nítorí náà ìpele gíga ni: ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ihò rẹ̀ mọ́, kí ẹ tó rì í sínú gúlútárádíháídì 2%. Ìṣẹ́jú 20 ni ìwé ẹ̀kọ́ sábà máa ń kọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, oògùn ò ní í dé ara kòkòrò. Ẹ̀mú ní tirẹ̀ ti gé awọ náà wọlé, nítorí náà inú ọ́tókíléèfù ló ń lọ: 121°C fún ìṣẹ́jú 15, tàbí 134°C fún ìṣẹ́jú 3, kí ooru ti pé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú. Aṣọ tí wọ́n fi wọn ìfúnpá aláìsàn yìí kan náà, ìpele ìsàlẹ̀ ni: ẹ fi oògùn nù ún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọwọ́ fífọ̀ rí. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ mọ́ kó tó fọwọ́ kan aláìsàn, ó ka ìlù ọwọ́ rẹ̀, ó wá fẹ́ tú ojú ọgbẹ́. Ṣé kó tún fọwọ́? Ọ̀pọ̀ yín ń dáhùn pé rárá. Ó gbọ́dọ̀ tún fọ̀ ọ́ o! Ìgbà kejì nínú márùn-ún tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ nìyẹn, ìyẹn kí a tó ṣe iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ mọ́. Awọ aláìsàn ti kan ọwọ́ rẹ̀ ná. Ìbọ̀wọ́ kò sì dípò ọwọ́ fífọ̀.

Ibi tí orúkọ kòkòrò ti ń yí ìdáhùn padà nìyí: kòkòrò dífísílì tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ọtí ìpawọ́ kì í pa á nígbà tó bá ti bo ara rẹ̀ sínú èèpo líle. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ mú, fún ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60.